Ṣíbí Mẹ́wàá Nísàlẹ̀ Omi

Ó ti rẹ̀ mí kí Bàbá Rẹ̀mí tó wọlé. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, wọn ò sì tíì dá iná padà láti ọjọ́ Ẹtì. Ọwọ́ ni mo fi ń yí òkúta tí mo fi ń lọ etí dígí awò. Apá ń dùn mí. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kò yẹ kó ṣì máa fi ọwọ́ yí òkúta, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ni mo ni apá.

Ìkòtún ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, níbi tí ọ̀nà Ìgandò ti yà. Awò ojú ni mò ń ṣe. N kò kọ́ ọ níléèwé. Ilẹ̀ ni mò ń gbá ní ṣọ́ọ̀bù Alájì Sàkàrìyáù ní Ìdúmọ̀tà nígbà tí mo wà lọ́mọge, ojú ni mo sì fi kọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe, títí Alájì fi rí i pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ti mọ iṣẹ́ ju àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ. Ó ti kú báyìí. Ó fi àpótí dígí tí a fi ń yẹ ojú wò sílẹ̀ fún mi, àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin tí n kò lè gbàgbé. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ẹni tó bá gbé dígí lé orí dígí, oníṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì ni. Dígí kan fún ojú kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá mi lọ́dún 1992 yìí.

"Ìyá Tàjù, ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Rẹ̀mí. Awò yín tún ti kán?"

"Kò kán. Ó wà nílé." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé èrò kún ṣọ́ọ̀bù. "Ojú yìí ló fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ọláyíwọlá lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni, Gowon Estate ló ń gbé. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Dígí tí agbára rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin ni ojú méjèèjì ń fẹ́, irú ojú tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ọ̀ọ́kán. Tó bá gbé ìwé ìròyìn súnmọ́ imú, á kà á láìsí awò. Tẹ́ ẹ bá dúró ní òdìkejì títì, aṣọ yín nìkan ló máa fi mọ̀ yín.

"Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ máa wọ awò lọ síbi iṣẹ́."

"Ta ló máa gba onígíláàsì sídìí omi? Mò ń tọ́jú ẹ̀ sílé ni. Mo mọ ohùn àwọn èèyàn, mo mọ àwọ̀ fìlà tí wọ́n fi ń wẹ̀. Ó ti ń gbè mí bọ̀ láti ọjọ́ yìí." Ó fọwọ́ nu ojú. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kékeré kan rì níbi tó jìn. Àlejò kan ló bẹ́ sómi tó fà á jáde. Ọmọ náà húkọ́ díẹ̀, ó pọ omi, ara ẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n èmi wà lórí àga mi, Ìyá Tàjù. Mò ń wo ibẹ̀ gan-an. Mo rò pé òjìji igi ni."

Mo dá òkúta tí mò ń yí dúró.

Ó ní ọ̀gá tuntun ti dé sí òtẹ́ẹ̀lì, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Madam Agnes. Obìnrin náà ò pariwo. Ó kàn sọ pé lọ́jọ́ Ẹtì, òun máa da ṣíbí mẹ́wàá síbi tó jìn. Kí Ọláyíwọlá jókòó sórí àga rẹ̀ kó kà wọ́n, lẹ́yìn náà kó wọlé kó kó wọn jáde. Tó bá ṣẹ́ ku ọ̀kan sínú omi, kó máa lọ sílé rẹ̀.

"Ó sọ òótọ́," ni mo wí.

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mi ò wá síbí kẹ́ ẹ wá gbèjà ẹ̀. Ẹ ṣe awò omi fún mi, kí nọ́ńbà mi wà nínú ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ ló ń wọ awò omi. Kò sẹ́ni tó máa bi mí pé kí ló wà lójú mi."

Awò omi wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ṣàfíù ló kó o wá. Ọmọ Òkè-Odò ni Ṣàfíù, ó ń gun kẹ̀kẹ́ eré ìje, ó sì ń tajà ní Balógun. Eruku ọ̀nà Ìgandò ló gbé e wá sọ́dọ̀ mi níjọ́ àkọ́kọ́; ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Mo wá awò tó tẹ̀ yí ojú ká fún un, tí eruku ò fi lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Láti ìgbà náà ló ti ń ra awò eléré ìdárayá bọ̀ láti Balógun, tó ń kó o sílé mi: ti oníkẹ̀kẹ́, ti agbábọ́ọ̀lù, oníke tó nípọn, tó ní okùn rọ́bà lẹ́yìn orí, àti ti omi, páálí kan odindi. Awò àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Gowon Estate, ike ni mo máa ń fi sí i. N kò jẹ́ fi gíláàsì sójú ẹni tí wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ìyẹn náà wà nínú ọ̀rọ̀ Alájì.

Ṣùgbọ́n awò omi inú páálí yẹn, ojú lásán ni wọ́n. Fèrèsé ike tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló wà níwájú wọn, kò sí nọ́ńbà kankan nínú wọn. Nígbà tí Ṣàfíù dé lọ́sàn-án, mo bi í bóyá ó lè rí èyí tó ní nọ́ńbà.

"Màmá, ó wà lókè òkun. Mo rí ẹyọ kan rí ní Balógun, nọ́ńbà méjì ni. Mi ò rí i mọ́ láti ìgbà yẹn. Tá a bá fi orúkọ sílẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fún un."

"Ẹ lẹ̀ ẹ́ fúnra yín nígbà náà. Kí lẹ ò lè lẹ̀?"

"Máa lọ jàre. Ìwọ tí o fi gọ́ọ̀mù lẹ bàtà."

Ó rẹ́rìn-ín lọ. Èmi jókòó ti iṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó rọrùn ni kí n gé dígí nọ́ńbà mẹ́rin kékeré, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fèrèsé awò náà nínú. Dígí lórí dígí. Mo rántí Alájì, ojú sì tì mí. Mo ní rárá, iṣẹ́ tó mọ́ ni màá ṣe. Mo gé fèrèsé ike méjèèjì kúrò pátápátá. Mo mú dígí ike tí mo máa ń fi sínú awò ojú, nọ́ńbà mẹ́rin, mo lọ etí rẹ̀ títí ó fi bá ojú ihò náà mu, mo sì fi sílíkónì lẹ̀ ẹ́ yí ká. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó gbẹ. Mo rì í sínú báàfù láti wò ó bóyá ó ń jò. Kò jò. N kò wo nǹkan mìíràn.

Lọ́jọ́bọ̀, Bàbá Rẹ̀mí wọ̀ ọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka pátákó gbogbo tó wà lódìkejì títì. Ó ka ti télọ̀. Ó ka ti ṣọ́ọ̀ṣì, títí dé nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá Tàjù, mo rí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn obìnrin yẹn!"

"Ẹ gbójú kúrò lọ́rùn obìnrin. Ẹ wo púùlù."

Inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi náà dùn, n kò ní purọ́. Mo wo iṣẹ́ mi lójú rẹ̀, ó mọ́, ó sì dán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó padà wá. Bó ṣe ń fa ẹsẹ̀ bọ̀ ni mo ti mọ̀.

"Mélòó?"

"Mẹ́fà." Ó gbé awò náà sórí tábìlì mi jẹ́jẹ́. "Mo jókòó lórí àga mi, mo ka mẹ́wàá. Mo ní, 'Màdáámù, mẹ́wàá ni, ọ̀kan fara ti ògiri.' Ó ní òótọ́ ni. Mo bẹ́ sómi. Ìyá Tàjù, àfi bí ẹni pé wọ́n sá fún mi. Gbogbo ìsàlẹ̀ kékeré, ó ṣú bàìbàì, orí ń fọ́ mi. Mẹ́fà lọwọ́ mi bà."

"Bóyá àyà yín ló já."

"Ọdún mọ́kàndínlógún nínú omi, àyà mi ò já rí."

"Bóyá omi wọ inú ẹ̀."

"Kò wọ̀ ọ́. Gbígbẹ ló wà." Kò bínú. Ìbá sàn fún mi ká ní ó bínú. "Torí pé mo kà á pé, Màdáámù ní òun máa tún dán mi wò lọ́jọ́ Ajé. Ó ní ẹni tó lè rí i látòkè kò yẹ kó má rí i nísàlẹ̀. Ó ní bóyá mò ń ṣọ̀lẹ ni. Lẹ́yìn Ajé, ó tán." Ó dìde. "Ẹ ṣé. Ẹ ti gbìyànjú."

Ó lọ. Mo jókòó, mo ń wo awò náà. Ó rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́ ti ìlẹ̀kùn kí n lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ ò kúrò lọ́kàn mi. Látòkè, ó rí i. Nísàlẹ̀, kò rí i. Ojú kan náà ni, awò kan náà ni. Kí ló yàtọ̀? Omi nìkan.

Alájì kọ́ mi bí a ṣe ń mọ nọ́ńbà dígí láìsí ẹ̀rọ. Ẹ gbé dígí náà síwájú ojú, ẹ fi wo ohun kan tó gùn gbọọrọ, ẹ wá máa mi dígí náà díẹ̀díẹ̀. Ohun náà á máa rìn. Tó bá jẹ́ dígí tó ń sọ nǹkan di kékeré ni, ẹ mú òdì rẹ̀ nínú àpótí, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá, ẹ fi tì í. Tí agbára méjèèjì bá dọ́gba, ohun náà á dúró, bí ẹ mì í títí kò ní rìn.

Mo ní abọ́ ike kan tó mọ́ gaara, tí ìdí rẹ̀ tẹ́. Mo gbé awò náà dojú bolẹ̀ sínú rẹ̀, mo gbé abọ́ sókè, mo wo ìlà tó wà láàárín sìmẹ́ńtì ilẹ̀ gba inú rẹ̀. Mo gbé òdì nọ́ńbà mẹ́rin lé e. Mo mì í. Ìlà dúró. Mẹ́rin ni, bí mo ṣe ṣe é.

Mo bu omi díẹ̀ sínú abọ́, kó kàn bo iwájú dígí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní gbígbẹ. Mo mì í. Ìlà rìn. Mo tún un mì. Mo gbé òdì nọ́ńbà márùn-ún lé e. Ó ṣì ń rìn. Mo gbé mẹ́fà. Ó dúró.

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́fà.

Mo mú awò omi lásán kan nínú páálí Ṣàfíù, èyí tí fèrèsé rẹ̀ tẹ́. Mo fi sínú abọ́, láìsí omi, pẹ̀lú omi. Ìlà ò rìn nígbà kankan.

Ìgbà náà ni mo mú dígí awò ojú kan dání tí mo fi ìka tọ́ ọ wò, bí ẹni tí kò rí i rí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fọwọ́ kàn án. Iwájú rẹ̀ yọ síta díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kó wọnú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ló ń sọ nǹkan di kékeré. Iwájú ń dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù ni nọ́ńbà mẹ́rin. Atẹ́gùn la ṣe é fún. Tí omi bá fara kan iwájú tó yọ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú agbára rẹ̀ lọ, kò lè dá nǹkan padà bó ṣe yẹ mọ́, ẹ̀yìn á wá máa ṣiṣẹ́ àṣejù. Mo gbé nọ́ńbà mẹ́fà wọ ojú tó ń fẹ́ mẹ́rin. Ká ní ọmọdé ni, ojú rẹ̀ ì bá fipá mú ara rẹ̀ kó fi ríran. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ò ní agbára yẹn lójú mọ́.

Fèrèsé tó tẹ́ kò yọ, kò kó wọnú. Kò ní iṣẹ́ kankan tí omi lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo gé e jù nù.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo mú awò tuntun. N kò fọwọ́ kan fèrèsé rẹ̀. Mo lọ dígí nọ́ńbà mẹ́rin méjì kéékèèké, débi pé etí wọn fẹ́lẹ́, kí irun ìpéǹpéjú má baà máa kàn wọ́n. Mo fi gbogbo rẹ̀ sóòrùn fún wákàtí kan, kí ọ̀rinrin má baà há sáàárín. Mo fi sílíkónì tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ wọ́n mọ́ inú, yí ká etí nìkan. Dígí lórí dígí. Ó rí wúruwùru. Ṣàfíù yọjú, ó wò ó.

"Màmá, ṣebí ẹ ní ẹ kì í lẹ nǹkan."

"Gbé ẹnu ẹ dákẹ́."

"Mi ò sọ nǹkan kan o. Ó kàn jọ iṣẹ́ mi ni."

Mo gbé e sínú abọ́. Láìsí omi, mẹ́rin. Pẹ̀lú omi, mẹ́rin. Mo ti ìlẹ̀kùn, mo lọ sílé, mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bá Bàbá Rẹ̀mí lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Kò sọ pé kí n wá. Èmi ni mo jẹ̀bi, èmi ni mo bá a lọ. Mo sọ fún un lójú ọ̀nà pé àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní, "Ó dáa." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Madam Agnes, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó dà bí ẹni tí kò sùn. Ó wò mí.

"Ta ni màmá yìí?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, Màdáámù," ni Bàbá Rẹ̀mí wí.

"Ṣé òun ló máa bá yín kó ṣíbí?"

"Mi ò mọ̀wẹ̀, Màdáámù," ni mo wí. "Mo kàn wá jókòó ni."

Madam Agnes da ṣíbí náà sómi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí Bàbá Rẹ̀mí kẹ̀yìn sí omi nígbà tí òun ń dà á. Ó ní kó yíjú padà.

Bàbá Rẹ̀mí wọ awò tuntun náà, ó gun àga, ó wo omi.

"Mẹ́sàn-án, Màdáámù."

Mo rí i pé ojú obìnrin náà yí padà. Ó ṣí ọwọ́ òsì. Ṣíbí kan wà níbẹ̀.

"Ẹ wọlé," ló wí.

Ó bẹ́ sómi. Mo di etí bẹ́ǹṣì mú. Omi dà rú, ó tún rọ. Ó jáde láti mí lẹ́ẹ̀kan, ó padà wọlé. Nígbà tó jáde lẹ́ẹ̀kejì, ó da ṣíbí sórí sìmẹ́ńtì lẹ́sẹ̀ obìnrin náà. Mo kà wọ́n kí wọ́n tó dákẹ́ ariwo. Mẹ́sàn-án.

Madam Agnes ò ka ṣíbí. Ojú Bàbá Rẹ̀mí ló ń wò, bó ṣe bọ́ awò náà tó sì ń ṣẹ́jú wá ibi tí àkàsọ̀ wà. Ó na ọwọ́.

"Ẹ gbé e wá."

Bàbá Rẹ̀mí wò mí. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ó gbé e fún un. Obìnrin náà gbé awò náà síwájú ojú, ó fi wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi wò mí. Ó gbé e sílẹ̀, ó rìn sẹ́yìn díẹ̀.

"Ìka wo ni mo nà sókè, Bàbá?"

Bàbá Rẹ̀mí wà nínú omi, òun wà lókè, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ. Ó fún ojú pọ̀, kò rí i.

"Ọdún mélòó ni ojú yín ti rí báyìí?"

"Ó pẹ́, Màdáámù."

Mo dìde. Mo ní, "Màdáámù, èmi ni mo ṣe é. Ohun tó wà nínú ẹ̀ yẹn, ó ń ríran lókè, ó ń ríran nísàlẹ̀. Mo dán an wò. Tó bá wà lójú ẹ̀, kò sí ohun tó máa rì tí kò ní rí."

"Tí kò bá sí lójú ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní rí i."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n ti sọ ohun tó ti mọ̀ fún. Ó padà sétí omi, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé awò náà fún Bàbá Rẹ̀mí.

"Láti aago mẹ́sàn-án títí di aago mẹ́fà, ojú yín ni kó wà. Lórí àga, nínú omi. Ọjọ́ tí mo bá bá yín lórí àga yẹn láìsí i lójú, kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Mi ò ní ka ṣíbí mọ́."

Bó ṣe parí nìyẹn. Bàbá Rẹ̀mí ń wọ̀ ọ́ títí di òní. Ó jókòó sínú oòrùn pẹ̀lú rọ́bà tó fún un lójú pinpin, àwọn ọmọdé ń pè é ní Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́. Òógùn ń sọ inú awò di kùrukùru. Ó ní kí ìdajì wákàtí tó pé, òun á tún bẹ̀rẹ̀ láti rì í sómi, òun á nù ún, òun á sáré wọ̀ ọ́ padà. Mo ti ṣe òmíràn fún un, kí ọ̀kan lè wà lọ́rùn nígbà tí ọ̀kan bá wà lójú.

Tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi pẹ̀lú awò ojú rẹ̀ gidi, èyí tí kò fi pamọ́ mọ́. Àmì rọ́bà yí ojú rẹ̀ méjèèjì ká, ó dúdú, kò sì ní lọ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọmọ mẹ́rìnlá ló wà nínú omi lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní òun ń kà wọ́n, tí òun bá kà á tán, òun á tún bẹ̀rẹ̀.

"Ó rẹ̀ mí, Ìyá Tàjù."

"Ó rẹ èmi náà," ni mo wí, mo sì ń yí òkúta lọ.